Akínbọ́lá Aṣúnrọ̀lò àti Òrùlé Kíláàsì Kẹta

Bí ẹ bá kí Tíṣà Akínbọ́lá pé ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí, ilé ńkọ́, ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni "Dáadáa ni." Ilé, ìyàwó, ọmọ, gbogbo wọn ló kó sínú ìdáhùn yẹn. Èmi Ìyábọ̀dé Ọláyíwọlá, tí mo ń kọ́ kíláàsì kẹrin, tí yàrá mi sì kángun sí tirẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé ọkùnrin náà kórìíra mi ni. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ló ń ṣún lò, bí àwa tó kù ṣe ń ṣúnwó ná.

Ó níbi tó ti kọ́ ọ. Nígbà tó gba ìwé-ẹ̀rí tíṣà tán ní ìlú wọn, kò kọ́ ọmọ kankan tó fi sá wá sí Èkó, ó sì ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní erékùṣù tí wọ́n ti ń kọ ìpolówó ọjà. Ọṣẹ, mílíìkì, oògùn ẹ̀fọn, kò sí èyí tí kò kọ ọ̀rọ̀ sí. Ó ní ọ̀gá àwọn níbẹ̀ máa ń mú bírò pupa, á máa fagi lé gbólóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní: "Bí mo bá yọ ọ́, tí nǹkan kan ò dà rú, kí ló ń wá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Nígbà tí ọrọ̀-ajé dẹnu kọlẹ̀, tí wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù káàkiri, wọ́n yọ Akínbọ́lá náà. Nǹkan kan ò dà rú. Ló bá kó ẹrù rẹ̀ wá sí Ìdímù níbi tí ilé ti dínwó, ó gbọn eruku kúrò lára ìwé-ẹ̀rí àtijọ́, ó sì di tíṣà kíláàsì kẹta ní Ilé-ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìfẹ́sọwápọ̀.

Ọdún kejì tó dé ni ìjì ìparí òjò ká òrùlé kíláàsì rẹ̀ lọ, igi àti páànù lápapọ̀. A rí lára páànù náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti di òrùlé ilé adìyẹ ní àdúgbò kejì, ẹni tó ni adìyẹ sì ní atẹ́gùn ló gbé e fún òun. Bí àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ṣe kó wọ yàrá tèmi nìyẹn. Tí mo bá bi àwọn tèmi léèrè, àwọn tirẹ̀ ló máa dáhùn, wọn á sì gbà á. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ó kó wọn padà sáàárín ògiri mẹ́rin tí kò lórí, oòrùn ń pa wọ́n, eruku ń bo pátákó, wọ́n ṣáà ń kàwé.

Lóṣù kìíní ọdún, ọkùnrin kan wá láti ọ́físì ẹ̀kọ́ pẹ̀lú báàgì aláwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Ó wo òkè, ó rí ọ̀run, ó ní kò sówó. Ó ní tí sáà kẹta bá wọlé, tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì sí òrùlé, àwọn máa pín àwọn ọmọ náà sí ilé-ìwé ní Ìkòtún àti Ẹgbẹ́dá. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí, ó sì mu mínírà tí a gbé fún un. Ṣùgbọ́n àwa mọ ohun tí pípín túmọ̀ sí. Ọmọ télọ̀, ọmọ bíríkìlà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ta ló máa fún wọn lówó ọkọ̀ lójoojúmọ́, ta ló máa mú wọn sọdá títì? Ìdajì wọn ò ní dé ilé-ìwé kankan mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Akínbọ́lá dọ́kàn. Mo rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn tó dúró sáàárín kíláàsì, tó ń ka àga.

Ni kọ́mítì òbí àti olùkọ́ bá jókòó ní ọ́físì ọ̀gá wa, Ìyáàfin Susanna Adébùnmí. Alága wọn ni Alàgbà Oyèníran, akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í bọ́ kóòtù bó ti wù kí ooru mú tó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún wúwo níbẹ̀ ni Alhaja Mọ̀dínátù, tó ń ta sìmẹ́ńtì àti ohun ìkọ́lé nínú ṣọ́ọ̀bù tó fara kan ọgbà wa gan-an. Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n tẹ hándíbìlì, ìwé pélébé tí a máa pín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù, láti fi bẹ aráàlú. Ọ̀gá wa ní Akínbọ́lá mọ iṣẹ́ náà. Akínbọ́lá jáde, kò pẹ́, ó wọlé, ó dìde dúró, ó kà á fún wa:

ÒJÒ Ń BỌ̀. KÍLÁÀSÌ KẸTA KÒ LÓRÙLÉ.
Ọmọ méjìlélọ́gọ́ta ló ń kàwé nínú oòrùn ní Ìdímù. Ẹ mú páànù kan ṣoṣo wá kó tó di Ọjọ́ Àjíǹde. Ilé-ìwé Ìfẹ́sọwápọ̀, lẹ́yìn ọjà.

Ó jókòó. A ń retí ìyókù.

"Ẹ máa kà á lọ, Tíṣà," Alàgbà Oyèníran wí.

"Ó ti tán, sà."

"Ó ti tán kẹ̀? Ìkíni dà?" Alhaja Mọ̀dínátù ló bọ́ sí i. "Èèyàn á kàn já lu èèyàn lójú ọ̀nà, á ní kó mú páànù wá? Kò kí i kú ọ̀gbẹlẹ̀, kò kí i kú owó, àní kò kí i rárá! Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọrọ nǹkan nílé yín nìyẹn, Tíṣà ọmọ mi?"

"Mà, ẹni tó máa gbà á ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù Pleasure, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú bọ́ọ̀sì. Ohun tó lè kà tán kí ọkọ̀ tó gbéra ni mo kọ."

"Kí ló ń lé e?" Alàgbà bi í, ó sì dúró kó dá òun lóhùn.

"Ohun kan la sì fẹ́ kó ṣe," Akínbọ́lá ń bá tirẹ̀ lọ. "Ohun kan péré. Tí a bá ní kó ṣe méjì, kò ní ṣe ọ̀kan."

"Ìyẹn dáa. Orúkọ alága ńkọ́?" Alàgbà tún bi í.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an. Ṣé ẹ rí i, ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìwé tí kò bá lórúkọ èèyàn ńlá lára, ìwé òfegè ni. Wọ́n fi Alága Ọjọ́ sí i. Wọ́n fi Bàbá Ọjọ́ àti Ìyá Ọjọ́. Wọ́n fi Olùgbàlejò Àgbà, wọ́n wá rántí pé Igbákejì Olùgbàlejò á bínú. Ìmáàmù, fíkà ṣọ́ọ̀ṣì, babalọ́jà, lándílọ́ọ̀dù tó ní ilé alájà méjì, lándílọ́ọ̀dù tó ń kọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rántí, ó máa ń rán wọn létí ẹlòmíràn. Nígbà tí ìpàdé máa fi tú ká, orúkọ ti lé ní ọgbọ̀n, ìkíni nìkan sì ti gba ìlà mẹ́rin. Akínbọ́lá kò janpata. Ó kàn ń wo tábìlì bí ẹni tí wọ́n ń gé irun orí rẹ̀ láìbéèrè.

Àwa méjèèjì la gbé e lọ sọ́dọ̀ Jàfárù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Jàfárù, ó ní ilé-ìtẹ̀wé kékeré kan lọ́nà Ìkòtún, ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹyọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, òjé ni, ó wà nínú àpótí onílé-ilé, Jàfárù á máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa tò wọ́n di ọ̀rọ̀. Ó to ìkíni. Ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ. Alàgbà, Alhaji, Alhaja, Alága, Adé báyìí, Akin báyìí. Ó dé ìdajì, ó fọwọ́ ro inú ilé kan nínú àpótí, ó gbójú sókè.

"Tíṣà, A ti tán."

"Kí ló tán?"

"Lẹ́tà A ńlá. Gbogbo A tí mo ní pátá ló ti lọ. Kí ló dé tí gbogbo àwọn èèyàn yín fi ń jẹ́ A jàre?"

Ó wá A lọ sínú àpótí lẹ́tà gàdàgbà tó fi ń tẹ ìkéde òkú, ó fi ìyẹn dí àwọn tó kù. Kí ìwé lè gbà wọ́n, ó ní láti sọ àkọlé di kékeré. ÒJÒ Ń BỌ̀ tó yẹ kó máa pariwo lókè pátá bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátá, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn abẹ́rẹ́, lábẹ́ orúkọ Igbákejì Akápò. Páànù tí a tìtorí rẹ̀ tẹ ìwé, ẹni tí ojú rẹ̀ bá dáa ló máa rí i.

A pín in. Tẹ́ ẹ bá rí bí wọ́n ṣe ń kà á! Wọ́n á gbà á, wọ́n á fi ìka tọ ọ̀nà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ń wá orúkọ ara wọn. Ẹni tí kò rí tirẹ̀, á ká a sápò tàbí kó jù ú nù. Ẹni tó rí tirẹ̀, á tún gba méjì sí i fún ìyàwó àti fún àna. Alàgbà Oyèníran gba tirẹ̀, ó wò ó títí, ó wá bi ọ̀gá wa léèrè ìdí tí A tó wà níwájú Alhaja Mọ̀dínátù fi ga ju tòun lọ. Ìjà yẹn gba ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tó ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé ń fi ìyókù wé àkàrà fún àwọn ọmọ náà gan-an, bí wọ́n ṣe jàǹfààní ìwé náà nìyẹn. Páànù kankan kò wọlé.

Akínbọ́lá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá Bàbá Ọjọ́. Bàbá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó ti fi gíláàsì bo hándíbìlì náà, ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó. Akínbọ́lá wá dárúkọ páànù.

"Páànù kẹ̀?" bàbá ní. "Ṣebí orúkọ mi ti wà níbẹ̀. Kí lẹ tún ń fẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Ọjọ́ kejì, ó wá bá mi nígbà ìsinmi, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, ó sọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Mísìsì, èmi ni mo ṣì í. Mo rò pé orúkọ ló ń ba ìwé mi jẹ́. Orúkọ gan-an ni ọjà. Ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn, àwa sì ti fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó mú nǹkan kan wá." Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má tún lọ gbé wàhálà wálé. Bírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó kọ nìyí:

ORÚKỌ TA NI YÓÒ GBA ÒJÒ DÚRÓ FÚN ÀWỌN ỌMỌ YÌÍ?
Ẹ mú páànù kan wá. A ó fi ọ̀dà kọ orúkọ yín sí i. Ní ogún ọdún sí i, ọmọ kíláàsì kẹta á ṣì máa kà á. Ilé-ìwé Ìfẹ́sọwápọ̀, Ìdímù, kó tó di Ọjọ́ Àjíǹde.

Kọ́mítì ò rí nǹkan bá jà níbẹ̀. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí orúkọ tó ga ju tẹnikẹ́ni lọ. Jàfárù fi lẹ́tà gàdàgbà rẹ̀ tẹ àkọlé, ó fi àyè sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ tí ojú fi lè sinmi. Kó tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó bi Akínbọ́lá bóyá wọ́n lè kọ "Jàfárù Ìtẹ̀wé" dípò "Jàfárù" lásán sára páànù tòun. Bí a ṣe rí páànù àkọ́kọ́ nìyẹn.

Háà, páànù wọlé! Wọ́n rù ú lórí, wọ́n gbé e sórí kẹ̀kẹ́, ẹnì kan tilẹ̀ fi ọ̀kadà gbé e wá láti àdúgbò Command, ó dì í mẹ́yìn bí ọmọ. Bàbá Ọjọ́ mú méjì wá, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún bàbá rẹ̀ tó ti kú. Èmi àti ọkọ mi náà mú ẹyọ kan, a sì jà díẹ̀ lórí orúkọ ta ni kó ṣáájú. Níbi tí wọ́n máa kọ orúkọ sí ni kọ́mítì tún dì mú. Alhaja Mọ̀dínátù fẹ́ kí wọ́n kọ tirẹ̀ sẹ́yìn páànù, lókè, kí Ọlọ́run lè máa rí i. Alàgbà ní Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, àwọn tó wà nínú bàálù ni kò mọ̀ ọ́n, wọn ò sì ní páànù láti mú wá. Wọ́n gbà níkẹyìn pé inú ló máa wà, ibi tí ọmọ ti lè gbójú sókè kà á. Akínbọ́lá fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà dúdú kọ gbogbo rẹ̀, ó tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé kí wọ́n gbẹ. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé ó dá ìkíni mi padà tilé-tilé.

Ọjọ́ kejì la ránṣẹ́ sí Festus káfíńtà. Festus dé pẹ̀lú òòlù àti ayùn, ó wo òkìtì páànù, ó yìn wá, ó yí i ká, ó wá bèèrè.

"Igi dà?"

Ọ̀gá wa tọ́ka sí òkìtì páànù.

"Igi tí mo máa kàn án mọ́. Ìṣó ńkọ́? Àbí ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi orí rù ú ni?"

Ojú gbogbo wa kọ sí Akínbọ́lá. Ó ti ní ohun kan péré ni ká bèèrè, ohun kan péré la bèèrè, ohun kan péré náà ni wọ́n mú wá. Ìwé tó kọ ṣiṣẹ́ dé ibi tó kọ ọ́ dé, kò kọjá ibẹ̀. Kí n má purọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí, inú rẹ̀ sì bí mi pọ̀. Gbogbo wa la ka ìwé yẹn, kò sí ẹni tó ronú kan igi, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ ọ̀mọ̀ràn.

Ọ̀gá wa ní ká pe kọ́mítì. Kọ́mítì jókòó, wọ́n ní àwọn ti ṣe tàwọn. Ọ̀gá wa wá yíjú sí Alhaja.

"Ìṣó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi," Alhaja Mọ̀dínátù dá a lóhùn. "Ó wà níbẹ̀, ẹ wá rà á."

"Ẹ ò lè fi tọrẹ, mà?"

"Ta ló fẹ́ kọ orúkọ mi sára ìṣó, Susanna? Ṣé wọ́n á rí i kà?"

Òtítọ́ ni. Igi máa sápamọ́ sábẹ́ páànù, ìṣó máa wọnú igi, kò sí ogún ọdún kankan fún wọn. Ọ̀sẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ bọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́jọ́ kan, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó lu àwọn ọmọ náà débi pé ìwé wọn rin gbindin, Akínbọ́lá sì kó wọn padà wá sọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ Àjíǹde kò jìnnà mọ́. Ó dúró lójú wíńdò mi, ó ń wo ẹ̀yìnkùlé níbi tí páànù wà. Ewúrẹ́ Alhaja Mọ̀dínátù, èyí tó máa ń yọ́ wọlé láti ṣọ́ọ̀bù, ti dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Orí "ALÀGBÀ OYÈNÍRAN" ló sùn sí, ó sì ti ṣu sórí lándílọ́ọ̀dù méjì.

Akínbọ́lá rẹ́rìn-ín. N kò rí i kó rẹ́rìn-ín rí, ẹ̀rù bà mí. Ó ya ewé kan nínú ìwé ọmọ kan, ó kọ ọ́ lórí tábìlì mi:

EWÚRẸ́ Ń SÙN LÓRÍ ORÚKỌ YÍN.
Páànù yín wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé Ìfẹ́sọwápọ̀. Kò sí igi, kò sí ìṣó tí yóò gbé e sókè. Ẹ mú ọ̀kan wá, kí orúkọ yín kúrò nílẹ̀.

Mo ní, "Tíṣà, wọ́n máa lù yín."

Ó ní, "Wọ́n máa mú igi dání."

Ọ̀gá wa kà á, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ní òun ò rí ìwé kankan, kí a máa lọ. A gbé e tọ Jàfárù lọ. Jàfárù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa lẹ́tà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wí pé Tíṣà yìí, orí yín ò pé o. Ó dé àárín, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé lẹ́tà kalẹ̀.

"Ẹ dúró ná. Tèmi ńkọ́? Jàfárù Ìtẹ̀wé, ṣé ó wà nílẹ̀ yẹn náà?"

Akínbọ́lá ní, "Ó wà níbẹ̀."

Kò tẹ ìwé mọ́. Ó wọ bàtà, ó jáde, a jókòó dè é títí. Ìgbà tó máa padà, páálí ìṣó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sí Akínbọ́lá lẹ́sẹ̀, ojú rẹ̀ le koko, ó wá ń to lẹ́tà lọ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Akínbọ́lá bojú wò mí. Mo mọ̀ pé kò tún nílò ẹni tó máa sọ fún un bóyá ìwé náà dáa.

A pín in, ilẹ̀ sì gbóná ní Ìdímù. Èèyàn ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, wọ́n ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, wọ́n ń wá fojú ara wọn rí ewúrẹ́ náà. Wọ́n bá a níbẹ̀! Ìbínú tí wọ́n gbé wá kò ṣeé fẹnu sọ. Kí wọ́n má baà bínú lọ́wọ́ òfìfo, wọ́n mú igi dání. Èmi tí mo wà nítòsí nígbà tó ń kọ ìwé yìí, tí mo mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, nígbà tí mo kọjá lẹ́yìn ilé tí mo rí àpá pátákò lórí orúkọ èmi àti ọkọ mi, mo lọ ra ìṣó. Alhaja Mọ̀dínátù ni mo sì rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ta ìṣó lọ́jọ́ yẹn ju bó ṣe tà á látìgbà tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ, síbẹ̀ òun ló bínú jù, torí gbogbo èèyàn ló ń bi í pé ewúrẹ́ ta ni. Níkẹyìn, ó ru pákó wá fúnra rẹ̀, ó so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì lérí pé dandan ni kí wọ́n lé Tíṣà náà lọ.

Festus kan òrùlé náà tán kí sáà tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ tó parí iṣẹ́ ni kọ́mítì pe Akínbọ́lá. Alàgbà Oyèníran ní ó ti fi ẹranko wé àgbà. Ó ní kó yan ọ̀kan: kó tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀, kó fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kó sì pín in fún gbogbo àdúgbò, tàbí kí àwọn kọ̀wé sí ọ́físì pé kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Mo rò pé ó máa ní kí wọ́n gbé òun kúrò. Ó bèèrè nǹkan kan péré.

"Ṣé ẹ ò ní ká òrùlé náà, sà?"

"Orúkọ wa ló wà lórí ẹ̀. Ta ló máa ká a?"

Ó ní òun á kọ ọ́. Ó sì kọ ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó kí wọn kú ojúmọ́, kú ìnáwó, kú àfaradà, kú ọwọ́ lómi. Ó to gbogbo orúkọ pẹ̀lú oyè, kò fo ẹnì kan. Ó ní ewúrẹ́ tí òun mẹ́nu bà kì í ṣe ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni. Kí A má baà tán, Jàfárù lọ yá tirẹ̀ lọ́wọ́ atẹ̀wé kan ní Ìkòtún, gbogbo A náà sì ga bákan náà. Nísàlẹ̀ pátá ló fi orúkọ sí: B. Akínbọ́lá, olùkọ́. Owó oṣù rẹ̀ tó ṣẹ́kù ló bá a lọ.

Alàgbà Oyèníran kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ọ́físì ọ̀gá wa, a jókòó yí i ká. Ó ká a, ó fi í sí àpò kóòtù, ó sì fọwọ́ kan Akínbọ́lá léjìká bíi bàbá.

"Ṣé ẹ rí i, ẹ mọ̀ ọ́n kọ. Agídí lẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀."

"Ẹ ṣeun, sà."

Ìbẹ̀rẹ̀ sáà kẹta, ọkùnrin oníbáàgì yẹn padà dé láti wá pín àwọn ọmọ. Bó ṣe wọ ọgbà ni òjò já lu ilẹ̀, òjò tí kì í ṣe eré. Ó sáré wọ kíláàsì kẹta, èmi àti ọ̀gá wa tẹ̀ lé e. Ariwo òjò lórí páànù kò jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Akínbọ́lá ti kọ́ wọn dé ìdajì iṣẹ́ kan, ó ti dákẹ́, kò sóhun tó lè sọ tí ọmọ á gbọ́. Àwọn ọmọ gbójú sókè, wọ́n ń fi gbogbo ohùn ka orúkọ lára òrùlé bí ẹni ń kọrin, wọ́n ń bá òjò figagbága.

Ọkùnrin náà náà gbójú sókè. Ó mú bírò jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó rí. Nígbà tí òjò rọlẹ̀ díẹ̀, ó kà á fún ọ̀gá wa: nípa akitiyan Alàgbà Oyèníran, Alhaja Mọ̀dínátù, Bàbá Ọjọ́ àti àwọn ọmọ rere Ìdímù mìíràn, ilé-ìwé náà ti ní òrùlé, a kò ní pín ọmọ kankan mọ́. Ó wá rántí nǹkan kan, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ ìwé ewúrẹ́ tí mo rí ní Ìkòtún yẹn?"

"A ti bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn, sà," ọ̀gá wa yára dáhùn.

Ó pa báàgì rẹ̀ dé. Inú bí mi débi pé omi lé sí mi lójú. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí látìbẹ̀rẹ̀, ibi kan ṣoṣo tí orúkọ Akínbọ́lá ti jáde ni ìsàlẹ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, mo sún mọ́ ọn, mo ń rojọ́, mo ní kò dáa, mo ní èmi fúnra mi máa lọ sọ fún wọn ní ọ́físì, mo ní ṣé kò dùn ún ni.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wo igun yàrá kan, ó wo èkejì, ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ lábẹ́ àga.

Ó bi mí pé, "Ṣé òjò wọlé?"

Mo ní kò wọlé.

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó yíjú sí pátákó, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.